Bí O Ṣe Lè Fèsì Nínú Gúrúùpù Iṣẹ́ Nígbà Tí Akẹgbẹ́ Rẹ Bá Sọ Àbá Rẹ Di Tirẹ̀

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wọlé sínú gúrúùpù iṣẹ́ wa. Àwa 11 la wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti máa dá àwọn oníbàárà ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan lóhùn. Akẹgbẹ́ mi kan ló kọ ọ́:

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti ń ronú nípa ìpè tó ń wọlé lápọ̀jù yìí. Àbá mi ni pé ká máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà ní kété tí ẹrù rẹ̀ bá ti kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí."

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ọ̀gá wa fi dáhùn: "Ọpọlọ pípé nìyí! Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi kó tó di Ọjọ́bọ̀, mo fẹ́ gbé e lọ síwájú àwọn aláṣẹ." Àwọn mẹ́fà fi àtàǹpàkò sókè sí i.

Èmi ni mo ni àbá yẹn. Ọjọ́ 4 oṣù náà ni mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù kan náà, ọjọ́ tí èyí sì wọlé jẹ́ ọjọ́ 23. Mo tilẹ̀ ti jókòó ka ìpè kí n tó kọ ọ́: nínú ìpè 70 tí a gbà lọ́jọ́ kan, 31 ló jẹ́ pé ohun tí oníbàárà fẹ́ mọ̀ kò ju ibi tí ẹrù rẹ̀ dé lọ. Àyà mi gbóná. Ọwọ́ mi ti wà lórí fóònù, mo ti tẹ "Ṣé a kò jọ wà níbí lọ́jọ́ tí mo" kí n tó dá ara mi dúró.

Ohun tí mo ṣe láàárín wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, pẹ̀lú àwọn ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà. Ohun kan ṣoṣo ló di gbogbo rẹ̀ mú: ìtàn ẹni tó ni àbá, ní gbangba ni kí o ti tún un ṣe, nítorí gbangba ló ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ohun tó wà lọ́kàn akẹgbẹ́ rẹ, ìyẹn bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni tàbí ó gbàgbé, ìkọ̀kọ̀ ni kí ó ti wáyé. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan á pàdánù méjèèjì.

Kọ́kọ́ jáde kúrò nínú àpótí ìkọ̀wé gúrúùpù

Má ṣe kọ èsì rẹ síbi tí o ti máa fi í ránṣẹ́. Ṣí ibòmíràn tí o ti lè kọ nǹkan sílẹ̀ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o máa kọ ọ́ níbẹ̀. Ìdí méjì ni. Èkíní, ìka máa ń ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́ nígbà tí inú bá ń bí ènìyàn. Èkejì, tí o bá ń tẹ nǹkan nínú gúrúùpù WhatsApp, àwọn tó bá ṣí i lásìkò náà á rí `typing...` lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ. Bí ó bá hàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, tó parẹ́, tó tún hàn, gbogbo wọn á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ọ́ lọ́kàn kí o tó sọ nǹkan kan.

Má fi àtàǹpàkò sí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, kódà kí o má baà dà bí ẹni tó ń jowú. Lójú ẹni tó bá wo ojú ìwé yẹn lọ́jọ́ iwájú, àtàǹpàkò rẹ túmọ̀ sí pé o gbà pé àbá onítọ̀hún ni.

Ìṣẹ́jú 30 ti tó láti fi tutù. Má jẹ́ kí ó di ọ̀la, ní pàtàkì tí ọ̀gá bá ti dá ọjọ́ fún ìgbésẹ̀ tó kàn. Ìpinnu náà ló ń ka àkókò fún ọ. Ọjọ́bọ̀ ni ìwé máa dé iwájú àwọn aláṣẹ nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Bí mo bá dúró di Ọjọ́bọ̀, orúkọ ẹlòmíràn á ti wà lórí ìwé, ohun tí ì bá jẹ́ àlàyé lásán á sì ti di ẹjọ́.

Wá ọ̀rọ̀ rẹ àtijọ́ rí, kí o sì tún un kà bí ẹni pé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́

Lórí Slack, tó jẹ́ áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ fún ibi iṣẹ́, o lè wá kìkì ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ nínú gúrúùpù kan. Fi orúkọ gúrúùpù yín rọ́pò èyí tó wà níbí, kí o sì fi ọ̀rọ̀ kan tó dá ọ lójú pé o lò kún un:

```
from:me in:#onibaara ilé ìkẹ́rùsí
```

Bí o bá ti rí i, tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o yan `Copy link`. Áàpù Teams náà ní irú rẹ̀. WhatsApp kò ní líǹkì fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó dára bákan náà: tí o bá yan `Reply` lórí ọ̀rọ̀ rẹ àtijọ́ tí o sì kọ èsì rẹ sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ á jókòó sókè èsì tuntun. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, á gbé e padà lọ sí ọjọ́ tí o kọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú aago rẹ̀ àti ohun tí àwọn ènìyàn sọ tẹ̀lé e.

Ìyẹn ló fi dára ju kí o ya àwòrán ojú fóònù rẹ. Àwòrán máa ń dà bí ohun tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù. Líǹkì kàn ń sọ pé "ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyí." Síbẹ̀, ya àwòrán náà pa mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo gúrúùpù ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Slack ọ̀fẹ́ kì í fi ohun tó ti ju ọjọ́ 90 lọ hàn. Tí wọ́n bá sì ti tan ìparẹ́ ọ̀rọ̀ lórí gúrúùpù WhatsApp yín, ó lè pa á rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90.

Bí àbá náà bá wà nínú ìwé tí ẹ jọ ń kọ lórí Google Docs, ṣí `Version history`. Á fi ọjọ́ tí gbólóhùn yẹn wọlé hàn ọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Wàyí o, tún ọ̀rọ̀ rẹ kà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti sọ òótọ́ fún ara rẹ, nítorí mo ti rí ẹni tó fa líǹkì jáde tí líǹkì náà sì já a nírọ́. Bi ara rẹ léèrè: ṣé ìṣòro ni mo sọ, àbí ojútùú? Bí gbogbo ohun tí o kọ bá jẹ́ "ìpè yìí ti pọ̀ jù," tí ẹlòmíràn wá dábàá àtẹ̀jíṣẹ́, àbá onítọ̀hún ni, ìwọ ló kàn fi ìṣòro hàn án. Bí o bá dábàá àtẹ̀jíṣẹ́, tí òun sì wá sọ pé kí a fi sí àsìkò tí ẹrù ń kúrò, ẹ jọ ni ín ni. Tèmi yè é. Ìṣòro, ojútùú àti àsìkò ìfiránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú ohun tí mo kọ lọ́jọ́ 4. Mo tún rí ohun kan tí mo ti gbàgbé: lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, akẹgbẹ́ yìí kan náà ti béèrè pé, "Ta ló máa wá kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ sì kú síbẹ̀.

Nígbà tí mo rí ìbéèrè yẹn, inú tún bí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó kà á! Ṣùgbọ́n kíkà á gan-an ló lè fa ìgbàgbé. Ní 1989, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìrònú ẹ̀dá, Alan Brown àti Dana Murphy, kó àwọn ènìyàn jọ pé kí wọ́n máa dárúkọ nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí kálukú tún dárúkọ àwọn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àwọn kan dárúkọ èyí tí ẹlòmíràn sọ, wọ́n sì gbà pé tiwọn ni. Ọpọlọ máa ń di ọ̀rọ̀ mú, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó sọ ọ́ bọ́ lọ. N kò mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí akẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn, n kò sì nílò láti mọ̀ kí n tó fèsì. Mo kàn kọ ọ́ bí ẹni tó gbà pé ó gbàgbé. Bí ó bá gbàgbé lóòótọ́, mi ò ṣẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbàgbé, líǹkì ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bákan náà.

Yan ibi tí èsì máa bọ́ sí

Abẹ́ ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún kọ ni ibi tó tọ́, níbi tí ọ̀gá ti yìn ín. Bí o bá lọ dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ nínú gúrúùpù, ó di ìkéde, gbogbo ènìyàn á sì gbà pé ìjà ti dé. Bí o bá sì bọ́ sí ìkọ̀kọ̀ nìkan, akẹgbẹ́ rẹ lè bẹ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀gá kò ní mọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Slack, ẹ kíyè sí ohun kan. Èsì abẹ́ ọ̀rọ̀ kì í hàn sí ojú gúrúùpù gan-an àfi tí o bá fi àmì sí àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ pé `Also send to #channel`. Bí ọ̀gá bá yin onítọ̀hún lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, fi àpótí yẹn sílẹ̀, yóò rí i. Bí ó bá jẹ́ ojú gúrúùpù ló ti yìn ín, fi àmì sí i.

Ìgbà méjì ni mo máa ń sọ pé kí ènìyàn kọ́kọ́ lọ sí ìkọ̀kọ̀. Ọ̀kan ni tí oníbàárà tàbí àjèjì bá wà nínú gúrúùpù yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Èkejì ni tí kò bá tíì sí ẹni tó fèsì. Nígbà náà, fi líǹkì ránṣẹ́ sí onítọ̀hún nìkan, kí o sì sọ pé: "Mo rí ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Àbá tí mo kọ lọ́jọ́ 4 nìyí, jọ̀ọ́ bá mi fi kún un kí àwọn yòókù tó dá sí i." Fún un ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣe é, ó sì dùn ju kí ìwọ fúnra rẹ ṣe é lọ.

Kíkọ èsì náà gan-an

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ tèmi. Màá fi gbogbo rẹ̀ hàn ọ́, nítorí pé inú èyí tí mo parẹ́ ni ẹ̀kọ́ wà.

Èyí àkọ́kọ́: "Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń pe èyí ní àbá ẹlòmíràn. Ṣé ẹ ò rántí pé èmi ni mo sọ ọ́? Ẹ lọ wo ọjọ́ 4." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì dára rárá. "Ó yà mí lẹ́nu" ti sọ pé ẹnì kan ṣe ohun tí kò yẹ. "Ṣé ẹ ò rántí" wá kó gbogbo gúrúùpù sínú ẹ̀sùn, títí kan ọ̀gá tí kò fèsì lọ́jọ́ 4. Ìbéèrè tún máa ń béèrè ìdáhùn, ẹni tí a bá sì bi ní irú ìbéèrè yìí níwájú ènìyàn 10 kò ní sọ pé "òótọ́ ni." Á gbèjà ara rẹ̀.

Èyí kejì yí sí òdì kejì: "Àbá tó dára gan-an ni! Èmi náà ti ń ro nǹkan tó jọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Ẹ̀rù ló kọ èyí. Mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ̀ǹda àbá náà fún un, mo wá ń tọrọ ìpín díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kà á á rò pé mo fẹ́ bá wọn pín ìyìn ni.

Èyí tí mo fi ránṣẹ́ rèé:

"Inú mi dùn pé a ti padà sórí èyí. Ọjọ́ 4 ni mo dábàá rẹ̀, kíkà tí mo ka ìpè wà níbẹ̀ (31 nínú 70): [líǹkì]. Ohun tó kù láti yanjú ni àwọn ẹrù tó ń jáde ní ìpín méjì, torí oníbàárà á gba àtẹ̀jíṣẹ́ méjì, á sì tún pè wá. Mo ti ní ọ̀nà tí a lè gbé e gbà. Màá kọ abala yẹn àti ti ìpè sínú ìwé Ọjọ́bọ̀. Ṣé kí àwa méjèèjì jọ kọ ọ́, ọ̀gá?"

Jẹ́ ká tú u palẹ̀. "Padà sórí èyí" ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, padà, ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé nǹkan yìí ti wà rí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sọ ẹni tó dábàá àti ọjọ́ rẹ̀ ní kedere: "mo dábàá rẹ̀." Má fi "bí ẹ bá rántí" tàbí "mo rò pé" bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó ní ọjọ́ àti líǹkì kò nílò àwáwí. Má sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Abala àwọn ẹrù tó ń jáde ní ìpín méjì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó mú àbá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kì í sábà mọ ibi tó ti lè kùnà, nítorí òun kọ́ ló bá a jìjàkadì. Ẹni tó ni ín mọ̀ ọ́n. Nígbà tí o bá fi ìṣòro kan tí kò sẹ́ni tó tíì rí kún un, pẹ̀lú ọ̀nà àbáyọ, ẹ̀rí tìrẹ ti kúrò ní ti líǹkì nìkan. Iṣẹ́ náà tún tẹ̀ síwájú, èyí sì jẹ́ kí ó rọrùn fún ọ̀gá láti dá ọ lóhùn láìdà bí ẹni tó ń dájọ́. Ṣùgbọ́n rí i dájú pé ìṣòro gidi ni. Bí o bá hùmọ̀ rẹ̀ kìkì láti fi hàn pé o gbọ́n, wọ́n á mọ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn ni mo darí sí ọ̀gá, kì í ṣe akẹgbẹ́ mi, kì í sì í ṣe nípa ohun tó ti kọjá. Ìwé Ọjọ́bọ̀ ni mo ń béèrè. Ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù á ti sá wọ ilẹ̀ lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó máa dúró ni orúkọ tó wà lórí ìwé tí àwọn aláṣẹ máa kà, ibẹ̀ sì ni kí o fojú sí.

Bí ẹni tó gbé àbá rẹ bá jù ọ́ lọ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí lọ́jọ́ orí, ọ̀nà náà kò yí padà, ohùn nìkan ló ń yí: "Ẹ ṣeun tí ẹ tún gbé èyí dìde, mà. Ọjọ́ 4 ni mo dábàá rẹ̀, ó wà níbí: [líǹkì]. Mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí abala àwọn ẹrù tó ń jáde ní ìpín méjì, màá fi ránṣẹ́ sí yín kó tó di ọ̀la kí ẹ bá mi wò ó." Ọ̀wọ̀ wà nínú "ẹ" àti "mà", ọjọ́ àti líǹkì sì dúró síbi tí wọ́n wà. Ohun tí mo rí tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń bọ̀wọ̀, wọ́n á yọ ọjọ́ kúrò, wọ́n á yọ "mo" kúrò, gbogbo rẹ̀ á wá di "a ti sọ ọ́ rí." Ta ni "a"? Fi "mo" sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí o tó fi í ránṣẹ́, ka èsì náà sókè pẹ̀lú ohùn ẹni tó kórìíra rẹ. Bí gbólóhùn kan bá lè dún bí ìbínú, yọ ọ́. Tí o bá ṣì rí àṣìṣe lẹ́yìn tó ti lọ, WhatsApp á gbà ọ́ láàyè láti tún un ṣe fún ìṣẹ́jú 15. Ṣe àtúnṣe, má ṣe pa á rẹ́. Àmì pé o pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ níbẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n ro ohun tó burú ju èyí tí o kọ lọ.

Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ kankan

Àbá míràn wà tó jẹ́ pé ẹnu la fi sọ ọ́, nínú ìpàdé tàbí lórí fóònù. Níbí yìí o nílò ènìyàn. Ronú ẹni tó wà níbẹ̀, kí o béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pé: "Ṣé o rántí nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ ní ìpàdé ọjọ́ Ajé? Bí o bá rántí, jọ̀ọ́ ṣé o lè mẹ́nu bà á lábẹ́ ohun tí wọ́n kọ yẹn?" Má ṣe kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bí kò bá rántí, fi í sílẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ṣiṣẹ́ fún Ààrẹ Obama ní ilé ìjọba Amẹ́ríkà ṣe irú èyí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ àbá kan ní ìpàdé, òmíràn á tún un sọ, á sì dárúkọ ẹni tó ni ín. Ó di ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe fún ara wọn, kí àbá má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohùn ẹni kẹta máa ń wọlé ju ohùn oníǹkan lọ, torí kò sí ohun tí òun máa jẹ nínú rẹ̀.

Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, yọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kúrò, kí o lo abala kejì èsì náà nìkan: ìṣòro tí ẹlòmíràn kò rí, àti iṣẹ́ tí o fẹ́ gbé. Kò ní dá ìyìn àná padà fún ọ, ṣùgbọ́n á fi ọ́ sínú ìwé.

Ohun tí wọ́n lè fi dá ọ lóhùn

Bí onítọ̀hún bá ní, "Áà, òótọ́ ni, má bínú, ó ti bọ́ lórí mi," kọ "Kò sí wàhálà, ó dáa tó padà wá," kí o sì dákẹ́. Má fi "ó kéré tán, o gbà" kún un.

Bí ó bá ní, "Mi ò rí èyí rí o, èmi náà ti ń rò ó tipẹ́," ó máa ṣe ọ́ bíi kí o tọ́ka sí ẹ̀rí tó já a nírọ́, bí ìbéèrè tí akẹgbẹ́ mi bi lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Fi í sílẹ̀. Ó wà nínú líǹkì náà, ẹni tó bá fẹ́ rí i á rí i. Kọ pé: "Ó ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ ká jọ kọ ọ́, màá fi abala tèmi ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́rin." Lẹ́yìn èyí, má sọ nǹkan mìíràn nípa ẹni tó ni ín nínú gúrúùpù. Àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ni òpin. Ẹ̀kẹta ti di àríyànjiyàn, ọ̀rọ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ tẹ́lẹ̀.

Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, tí ọ̀gá náà kò sọ nǹkan kan, má tún un sọ. Ṣí ìwé náà, kọ abala rẹ, kọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ sókè, ìwọ àti akẹgbẹ́ rẹ, kí o sì ju líǹkì ìwé sínú gúrúùpù. Ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti pa orúkọ rẹ́ kúrò lórí ìwé tí ìwọ lo ṣí.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀

Lọ́jọ́ kan náà tàbí lọ́jọ́ kejì, bá akẹgbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀. Ohùn dára ju kíkọ lọ níbí. Tí ẹ kò bá sí níbì kan náà, pè é. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe rí lára rẹ, àti ohun kan tí o fẹ́, kí o sì jẹ́ kó fèsì. Ohun tí mo sọ fún tèmi kò ju èyí lọ: "Nígbà tí mo rí i láàárọ̀ pé o kọ ọ́ ní àbá rẹ, ó dùn mí, torí mo ti lo àkókò lórí ìpè wọ̀nyẹn. N ò sọ pé o mọ̀ọ́mọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, bí o bá rí ohun tó jọ ohun tí mo ti sọ, jọ̀ọ́ dárúkọ mi." Má ṣe fi àwòrán ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn yòókù láti bá ọ dárò. Á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo ohun tí o tún ṣe á sì bàjẹ́.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ọwọ́ ẹnì kan náà, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ gúrúùpù. Kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti líǹkì wọn sílẹ̀ sínú ímeèlì sí ọ̀gá, kí o béèrè pé kí ẹ jọ wá ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ orúkọ ẹni tó dábàá sílẹ̀. Tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá sì ni, kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ló ń gbé lọ sókè lórúkọ ẹgbẹ́, nítorí ìyẹn wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí o lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí orúkọ rẹ hàn nínú ìwé, kì í ṣe kí ó tọrọ gáfárà.

Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, akẹgbẹ́ mi fi ojú tó ń sunkún sábẹ́ èsì mi, ó sì kọ ọ́ pé, "Hàà, mo rántí báyìí! Èmi náà béèrè ìbéèrè níbẹ̀." Ọ̀gá ní kí a jọ kọ ọ́. A kọ ọ́, orúkọ méjì ló sì wà lórí ìwé tó lọ lọ́jọ́ 25.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ dábàá nǹkan nínú gúrúùpù, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ náà, ABA, ṣáájú rẹ̀, láìfi àmì ohùn sí i kí ó lè rọrùn láti tẹ̀. Bí mo bá wá a báyìí, gbogbo èyí tí mo ti kọ láti ìgbà yẹn á jáde tọjọ́tọjọ́:

```
from:me ABA
```